Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ọmọ Mi àti Prúùfù Alhaji

Ọkùnrin tó gbà mí síṣẹ́ ní Ṣómólú lè ka ìwé lódì. Ẹ má rò pé mo ń ṣàwàdà. Ẹ gbé ìwé ìròyìn dojú kọ dígí, kí ẹ ní kó ka èyí tó wà nínú dígí yẹn, á kà á geere, á sì tún máa wò yín bí ẹni tó ń bi yín pé kí ló yà yín lẹ́nu. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Nígbà yẹn, kí a tó tẹ ohunkóhun, orí fíìmù la kọ́kọ́ máa ń gbé e sí, fíìmù dúdú bíi ti fọ́tò, ṣùgbọ́n tó fẹ̀ ju àtẹ ìjẹun lọ. Ojú tí ọ̀rọ̀ wà lára fíìmù náà ló máa dojú bo pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yẹ ojú yẹn wò bóyá ó ti ha, òdì ló máa rí: lẹ́tà á kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìlà á bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ọkùnrin yìí ti ń wo fíìmù bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti kọ́kọ́ hù sí i lágbọ̀n. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, ohun tí èmi náà yóò sì máa pè é nìyẹn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Akọ̀wé ni bàbá ẹ̀ àti bàbá bàbá ẹ̀, gègé ni wọ́n fi jẹun, òun náà sì wá fi yíǹkì jẹun. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ wá sílé ìtẹ̀wé, kì í sì í kó àbàwọ́n kankan lọ sílé. Ó ní tábìlì kan tí iná wà lábẹ́ dígí ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń yẹ fíìmù wò, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ife omi kalẹ̀ lórí ẹ̀. Òun ló máa ń sọ pé, "Èèyàn lè parọ́, fíìmù kì í parọ́."

Èmi ni mo ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní. Màdámú Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, bí ẹni pé èmi ni mo rà á. Nígbà tí í-méèlì dé, ìdí kọ̀ǹpútà yẹn náà ló dé sí. A so ó mọ́ láìnì tẹlifóònù, ẹ̀rọ kékeré kan á sì máa ké bí adìyẹ tí wọ́n fún lọ́rùn kí ọ̀rọ̀ tó kọjá. Alhaji kì í ka í-méèlì lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní ojú òun kì í ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé, èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, n óò sì gbé e lọ síwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kọ tiẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa jókòó, ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn ẹ̀.

Ayé ṣọ́jà ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ òde òní ti gbọ́ nípa ẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé nǹkan kì í sí. Kì í ṣe pé ó wọ́n nìkan o, kì í sí rárá ni. Ẹ ó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta á, ẹni tó ń tà á á jókòó, àtẹ á wà, ọjà ò ní sí lórí ẹ̀. Wọ́n ti dá bàbá àwọn ọmọ mi dúró níbi iṣẹ́. Ó jí láàárọ̀, ó wẹ̀, ó wọ táì, ó sì jókòó sílé wa ní Pedro. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Láàárín ìyẹn ni ẹsẹ̀ ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Nísàlẹ̀ orúnkún ni egungun ti ń yà síta, díẹ̀díẹ̀, bí igi tí wọ́n so ẹrù mọ́. Òsì dúró ṣánṣán. Ìyá mi ní kí n máa fi òrí pa á, pé á nà. Mo fi òrí pa á. Kò nà. Dókítà kan wà ní Bàríga, ilé ìwòsàn tiẹ̀ kékeré, onísùúrù èèyàn. Ó ní kí a lọ ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà tó rí i, ó gbé ọmọ náà sórí itan ara ẹ̀, ó ń bá a ṣeré, ṣùgbọ́n èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìyá, irin la máa so mọ́ ọn. Irin àti awọ, láti itan dé bàtà, tí á máa fa egungun yẹn bọ̀ sípò. Ọmọ náà ṣì kéré, irin ṣì lè ṣe é. Tó bá ti kọjá ọmọ ọdún mẹ́ta dáadáa, irin ò ní gbọ́ mọ́. Ọ̀bẹ ló kù. A ó gé egungun yẹn, a ó tò ó."

Mo bi í pé níbo la ti máa rí irin yẹn.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, ọwọ́ wọn dá, ṣùgbọ́n ohun èlò ò wọlé. Gbogbo wọn ló ń dúró de ohun èlò. Kò sì mọ ìgbà tó máa wọlé.

Ọmọ náà máa pé ọdún mẹ́ta láìpẹ́. Ohun tí mo gbé sùn nìyẹn, tí mo gbé jí, tí mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mò ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni, omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ mi. Alhaji rí i. Kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ló lọ, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, òun ló sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Alhaji pè mí. Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ ẹ ń fẹ́ irin."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"O ò sì sọ fún mi. Ṣé àlejò ni mí ni?" Kò dúró gbọ́ èsì. "Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ṣẹ́ fíìmù, tó wà ní London, kò ṣe ìtẹ̀wé mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe irin ẹsẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. N óò kọ̀wé sí i. Mú fọ́tò egungun yẹn wá, kí o mú ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí dókítà wọ̀n wá."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ní yíǹkì.

Mo gbé fọ́tò egungun náà wá lọ́jọ́ kejì nínú àpòòwé ẹ̀, pẹ̀lú bébà ìwọ̀n: gígùn, fífẹ̀, bàtà. Dókítà ò kọ ọ̀tún tàbí òsì sórí bébà ìwọ̀n yẹn, "ẹsẹ̀ tó tẹ̀" ló kọ, nítorí òun rò pé fọ́tò á sọ ìyókù. Alhaji fa fọ́tò yọ, ó gbé e sórí tábìlì oníná ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń mi orí. Inú ẹ̀ dùn. Fíìmù ni wọ́n gbé wá síwájú ẹ̀. Ó kọ í-méèlì náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, láìnì ké, ọ̀rọ̀ lọ. Mo dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro mí.

Èsì dé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bí ìṣe mi. Mi ò ní kà á tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló wà níbẹ̀, ojú mi sì lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ọ̀rẹ́ Alhaji kí i, ó bá a ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó ní gbogbo nǹkan ti tò. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí gé irin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ará Bàríga kan tó ń bọ̀ nílé ló máa gbé e wá. Ó wá kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé, gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ, ẹsẹ̀ òsì.

Mo tún un kà. Òsì.

Ní abẹ́ èsì yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Alhaji fúnra ẹ̀ kọ wà. Ó ti kọ ọ́ pé òun ti yẹ fíìmù náà wò pẹ̀lú ojú ara òun, pé ẹsẹ̀ òsì ló tẹ̀, pé kò sí àní-àní. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìkan ló sì kọ ọ́ sí. Ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì míì tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ní ilé ìtẹ̀wé tiwọn, ọ̀kan ní Ṣómólú, ọ̀kan ní Bàríga. Kí gbogbo wọn lè rí i pé òun ń ṣe oore ni, kí wọ́n sì rí i pé òun ń lo í-méèlì.

Mo lọ sídìí tábìlì oníná. Fọ́tò egungun ṣì wà níbẹ̀. Mo tan iná ẹ̀. Orúkọ ọmọ mi wà ní igun ẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Lódì ni Alhaji gbé e kalẹ̀. Fíìmù tiwa, ojú kan ń dán, ojú kejì ò dán, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ èwo ni iwájú. Fíìmù egungun ò rí bẹ́ẹ̀, bákan náà ni ojú ẹ̀ méjèèjì. Orúkọ tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè sọ fún èèyàn pé ó ti yí i padà, Alhaji sì ti ń ka orúkọ lódì láti ọdún pípẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé lódì lòun kà á. Ó mọ̀ pé ọ̀tún ẹni tó bá dojú kọ wá, ọwọ́ òsì wa ló máa ń wà. Ó ṣe ìṣirò ẹ̀ dáadáa. Orí fíìmù tó yí lẹ́yìn ló ti ṣe é.

Irin ẹsẹ̀ òsì ò ṣeé wọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ibi tí ọ̀kan ti ń fà ni èkejì ti ń tì. Bí wọ́n bá ti gé e, ó parí. Títí wọn ó fi ṣe òmíràn, títí tí ẹlòmíì á fi máa bọ̀ nílé, ọmọ mi á ti kọjá ọjọ́ orí irin.

Ẹ ó ní, kí ló dé tí o ò sọ fún un? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Ọkùnrin kan ti wà nínú ilé ìtẹ̀wé wa kí n tó dé, àgbà òṣìṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ló ń to fíìmù. Níjọ́ kan, níwájú kọ́sítọ́mà, ó ní, "Alhaji, fíìmù tẹ́ ẹ mú yẹn yí o." Òtítọ́ ló sọ. Alhaji rẹ́rìn-ín níwájú kọ́sítọ́mà, ó sì yí i padà. Nígbà tí kọ́sítọ́mà lọ, ó pe ọkùnrin náà, ó ní, "Ojú ẹ ti mú ju tèmi lọ. Ó tó kí o dá tìẹ sílẹ̀." Ọkùnrin náà kó ẹrù ẹ̀ lọ. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, Alhaji. Ṣùgbọ́n ohun tó ní láyé, ojú tó fi ń wo fíìmù ni. Báyìí, ẹni mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà bíi tiẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ó wo fíìmù lódì. Àwọn gan-an ló sì máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ta lojú ẹ̀ mú jù.

Mo sọ ọ́ nílé. Bàbá àwọn ọmọ tú táì ọrùn ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ń tẹ kọ̀ǹpútà. Kọ ọ́ sí London lórúkọ ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Kò ní mọ̀."

Mo ní, "Tí wọ́n bá wá fèsì ńkọ́? Èmi ni mo máa tẹ èsì yẹn fún un kà."

"Má tẹ̀ ẹ́."

"Àwọn méjì tó wà ní Ṣómólú àti Bàríga ńkọ́? Wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà."

 Ó ní, "Nígbà náà, kí ni ká wá ṣe?" Ohùn tó fi bi mí yẹn bà mí nínú jẹ́ ju ọ̀rọ̀ irin lọ.

Ṣùgbọ́n mo gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tí Alhaji lọ kírun ọ̀sán, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ lórúkọ ẹ̀ pé mo ṣe àṣìṣe. Mo wò ó. Ọkùnrin yẹn ò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á sì mọ̀ pé òun kọ́ ló kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. 

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọgbọ́n sọ ọ́. Mo gbé tíì fún un, mo ní, "Alhaji, ẹ ṣeun o, lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ yẹn." Mo tẹ̀ mọ́ ọ̀tún. Ó ní, "Ọlọ́run ló ṣe é," ó sì mu tíì ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọmọ náà wá. Mo ní bóyá tó bá rí ẹsẹ̀ yẹn. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹ̀, mo ní kó rìn lọ kí bàbá àgbà. Ó ń rìn, ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún bí ọkọ̀ ojú omi tí ẹrù ẹ̀ ò dọ́gba. Alhaji ń bá oníbébà kan sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀, ó mú bísíkíìtì, ó fi lé e lọ́wọ́, ó fọwọ́ pa á lórí. Orí ló wò. Kò wo ẹsẹ̀.

Ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn rí gbogbo ẹ̀ látìdí ẹ̀rọ ẹ̀. Nígbà tí mo padà wá, ó ní, "Màdámú Kọ̀ǹpútà, kí lẹ̀ ń polówó ọmọ kiri sí?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó nu ọwọ́ ẹ̀ mọ́ àkísà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní àwàdà.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún un o. Ẹ ó padà sílé pẹ̀lú ọmọ àti ẹsẹ̀ ẹ̀, kò ní sí iṣẹ́, kò ní sí irin."

"Tí mi ò bá sọ ńkọ́?"

"Ẹ ó níṣẹ́. Kò ṣáà ní sí irin." Ó wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Àfi tẹ́ ẹ bá jẹ́ kọ́sítọ́mà. Kọ́sítọ́mà nìkan ló lè sọ ohun tó bá wù ú fún ọkùnrin yẹn, tí á sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ẹ̀. Èmi dúró síbi tí mo wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa. Kò sí iṣẹ́ tó ń gun ẹ̀rọ ní Ṣómólú láì jẹ́ pé kọ́sítọ́mà rí prúùfù ẹ̀. Prúùfù ni ẹyọ kan tá a kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ jáde, kí olówó iṣẹ́ wò ó, kó fi báírò kọ ohun tó fẹ́ kí a yí padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ohun tó bá kọ, òfin ni. Ó lè jẹ́ àṣìṣe tiwa, ó lè jẹ́ pé òun ló yí ọkàn padà. A kì í béèrè. "Kọ́sítọ́mà ṣe àtúnṣe" la máa ń wí, ọ̀rọ̀ tán. Mo ti rí Alhaji níwájú ọmọdé tó wá tẹ káàdì ọjọ́ ìbí, tí ọmọ náà ń fa ìlà pupa sí iṣẹ́ ẹ̀ lára, tí Alhaji sì ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, a ó tún un ṣe." Ojú kì í tì í. Prúùfù ni.

Mo lọ tẹ í-méèlì náà sórí bébà lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bí a ti ń ṣe fún prúùfù, mo sì kọ "PRÚÙFÙ" sí òkè ẹ̀, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sórí iṣẹ́ gbogbo. Mo dúró kí oníbébà lọ, kí ọ́fíìsì ṣófo. Mo mú báírò pupa. Mo kan ilẹ̀kùn, èyí tí n kì í ṣe, nítorí òṣìṣẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn yẹn, kọ́sítọ́mà ló ń kàn án.

Ó gbójú sókè. "Kí ló dé?"

Mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ sà. Mo wá nípa jọ́ọ̀bù mi."

"Jọ́ọ̀bù wo?"

"Irin ọmọ mi tẹ́ ẹ gbà ṣe fún mi. Ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí prúùfù ẹ̀ ni. Mo fẹ́ ṣe àtúnṣe kan."

Mo gbé bébà náà síwájú ẹ̀. Mo ti fa ìlà pupa sí ìdí òsì, mo kọ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.  Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́yìn ògiri, tí ń ṣe gbàgà-gbàgà, mo sì ń rò ó pé tó bá ní kí n dá tèmi sílẹ̀, ibo ni n óò gbà kọjá.

Ó kà á. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó dìde, kò wò mí, ó jáde lọ sídìí tábìlì oníná. Mo gbọ́ tí ó tan iná ẹ̀. Mo gbọ́ ariwo fíìmù, ariwo tó máa ń ṣe bí wọ́n bá gbé e tí wọ́n sì yí i padà. 

Nígbà tó padà wọlé, ó jókòó, ó tún fìlà ẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà. Ẹ kì í mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó ti pè mí ní ẹ̀yin. Ọmọ tó ju èmi lọ ló bí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú sà. Ẹ bá mi yí i padà."

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí èsì dé sà."

"O sì ń fi ọmọ ọlọ́mọ rìn kiri nínú ọ́fíìsì mi." Ó gbé báírò pupa náà, ó fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. "Dìde. Ilẹ̀ yẹn ní yíǹkì."

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí n dúró sẹ́yìn òun. Ìka kan náà ló fi kọ ọ́, sí gbogbo àwọn mẹ́ta tó ti gba ti àkọ́kọ́, kò yọ ẹnì kankan kúrò. Ó kọ ọ́ pé kọ́sítọ́mà òun ti ṣe àtúnṣe sí prúùfù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, kì í ṣe òsì. Kí wọ́n má gé nǹkan kan títí wọn ó fi fèsì pé àwọn ti rí èyí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó bi mí pé, "Ó tẹ́ kọ́sítọ́mà lọ́rùn?" Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ò ké. Mo gbé tẹlifóònù sétí. Láìnì ti kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìgbà náà, ẹ mọ̀ pé láìnì tó bá kú lè wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi gbàgbé nọ́ńbà yín. Mo bú sẹ́kún. Alhaji ò sọ pé kí n dákẹ́. Ó fa dísíkì yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí n kó ọ̀rọ̀ náà sí i. Ó ní ilé ìtẹ̀wé ọ̀rẹ́ òun tó wà ní Bàríga, láìnì tiẹ̀ dára, ibẹ̀ la ti máa fi ránṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn o. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Epo ò sí, mọ́tò ẹ̀ ti wà lójú kan láti ìgbà pípẹ́. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Mo tẹ̀ lé aṣọ funfun yẹn láàárín òórùn yíǹkì àti òórùn gọ́tà, láàárín àwọn tó to kẹ́ẹ̀gì síwájú ilé epo bí ẹni tó to òkú.  Nígbà tí oòrùn mú un, ó dúró díẹ̀ lábẹ́ òrùlé ilé kan, ó nu ojú, ó ní, "Dókítà yẹn ní tí irin ò bá ṣe é, kí ni wọ́n máa ṣe?"

Mo ní, "Wọ́n máa gé egungun ẹ̀ sà."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ó sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ jókòó síta pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. Bó ṣe rí wa ló pariwo, "Háà! Alhaji fẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ mi! Ta ló kú?"

Alhaji ní, "Kọ́sítọ́mà mi yìí ló ṣe àtúnṣe, láìnì mi sì kú. Jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́."

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Mo rí i tí ojú ẹ̀ ń rìn láti orí ọ̀rọ̀ yẹn lọ sára Alhaji. Ó mọ iṣẹ́ náà. Ó mọ bí fíìmù ṣe ń yí. Ẹnu ẹ̀ ti là, àwàdà yẹn ti dé ètè ẹ̀.

Mo sáré sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èmi ni sà. Èmi ni mi ò wo prúùfù mi dáadáa."

Ó wò mí. Ó wo Alhaji, tó ń wo ògiri. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ikùn ẹ̀ fi ń mì.

Ó ní, "Ìyá yìí! Ìyá tí kò mọ ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀! O gbé e sínú lóṣù mẹ́sàn-án, o ò mọ èwo ni ọ̀tún?"

Mo ní, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run sà."

Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ kó lọ, jọ̀ọ́."

Láìnì ké. Ó já. Wọ́n tún un pè, ó ké, ó tún já. Iná ìjọba lọ, wọ́n lọ tan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba epo tó kù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ ariwo adìyẹ yẹn tó ń kú, tó ń jí, tó ń kú. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó lọ níkẹyìn.

Ìgbà tó burú jù ni ìgbà tá a fi dúró de èsì. Láìnì tiwa ò jí, nítorí náà Bàríga la ti ń lọ wò ó, èmi tàbí ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́, a ó dé ibẹ̀, wọn ó ní kò tíì sí. Ọjọ́ tí èsì dé, ọ̀rẹ́ Alhaji ní Bàríga fúnra ẹ̀ ló gbé e wá, ó ń mì í lókè bí àsíá. Àwọn ará London ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gé awọ fún òsì. Irin nìkan ni wọn ò tíì tẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ará Bàríga tó máa gbé e bọ̀ kò lè dúró de wọn, ó ti wọkọ̀ bọ̀ nílé láì gbé e. A tún dúró de ẹlòmíì. Ọmọ mi pé ọdún mẹ́ta láìsí irin lẹ́sẹ̀. Mo se ìrẹsì fún un, bàbá ẹ̀ gbé e jó. Èmi ò lè wo ìsàlẹ̀ kaba ẹ̀.

Nígbà tí irin náà dé, Alhaji ò gbé e fún mi. Ó ní kí n lọ mú ọmọ wá àti dókítà Bàríga. Ó ti gbé gbogbo fíìmù kúrò lórí tábìlì oníná, ó tẹ́ aṣọ síbẹ̀. Dókítà gbé ọmọ náà jókòó sórí ẹ̀, ó so awọ, ó de irin, ó wo orúnkún, ó ní ó bọ̀ sípò, pé a máa gbìyànjú ẹ̀, pé òun ò ṣe ìlérí, pé a ti pẹ́ díẹ̀. Alhaji bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ wo fíìmù. Lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ló wò. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Kọ́sítọ́mà, wá wo iṣẹ́ ẹ."

Ọmọ náà wọ irin yẹn títí ó fi há mọ́ ọn, a sì ní kí wọ́n gùn ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ náà nà. Kò nà tán. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n wọn ò fi ọ̀bẹ kàn án. Òun náà ti ní ọmọ báyìí.

Ní ti èmi, orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi. Ìyá Tí Ò Mọ Ẹsẹ̀ Ọmọ Ẹ̀. Ní Ṣómólú, ní Bàríga, àwọn àgbà onítẹ̀wé á rí mi lọ́nà, wọn á fa aṣọ wọn sókè, wọn á na ẹsẹ̀ kan síwájú, wọn á ní, "Ìyá, èwo lèyí?" Èmi náà á wò ó dáadáa, n óò ní òsì ni, kódà tó bá jẹ́ ọ̀tún, wọn á sì rẹ́rìn-ín. Tí Alhaji bá wà níbẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín. Á wúkọ́, á tún fìlà ẹ̀ ṣe, á ní, "Ẹ fi kọ́sítọ́mà mi sílẹ̀."